Èsì kúkúrú lórí Wásáàpù: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ímójì, fúlúsítọ́ọ̀pù àti bí ọ̀rọ̀ ò ṣe ní dà bí ìyájú

Èmi ni mo máa ń dáhùn mẹ́sééjì àwọn kọ́sítọ́mà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan n'Íbàdàn. Láti àárọ̀ títí wọ́n fi máa ti ilẹ̀kùn ni fóònù ń dún, bí ìyá àgbà tó fẹ́ rán ìró àti bùbá ṣe ń kọ̀wé sí wa náà ni ọmọ yunifásítì tó fẹ́ rán gáùn ń kọ, èsì tí mo máa ń fún wọn ò sì ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ torí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà, "Ó dáa", lè mú inú ẹnì kan dùn kí ẹlòmíì sì pe ọ̀gá mi lórí fóònù pé ọmọ ṣọ́ọ̀bù yín yájú sí mi. Àwọn ìbéèrè tí àwọn àbúrò àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó síbí, bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn náà ni mo ṣe kọ ọ́.

"Ó dáa." ni mo kọ o, kí ló dé tó ní inú ń bí mi?

Fúlúsítọ́ọ̀pù ẹ̀yìn yẹn ni. Tá a bá ń kọ lẹ́tà tàbí ìwé iléèwé, àmì yẹn kàn ń sọ pé gbólóhùn ti parí ni, kò sẹ́ni tó máa ń ro nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n lórí Wásáàpù, bẹ́ ẹ bá ti fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ báyìí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ti parí nìyẹn, torí náà tẹ́ ẹ bá tún wá gbé àmì ìdánudúró sẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì péré, ẹni tó ń kà á máa bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nǹkan tí àmì yẹn wá ṣe níbẹ̀, nǹkan tó sì máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ ti ti ilẹ̀kùn, kó má bi yín ní nǹkan kan mọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ní 2015, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Binghamton ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì, Celia Klin ló ṣáájú wọn, kó mẹ́sééjì fún akẹ́kọ̀ọ́ 126 pé kí wọ́n kà á, ẹnì kan á pe ẹnì kejì rẹ̀ síbì kan, ẹnì kejì á sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn. Àwọn kan rí èsì yẹn pẹ̀lú fúlúsítọ́ọ̀pù, àwọn kan rí i láìsí i. Èyí tó ní fúlúsítọ́ọ̀pù, wọ́n ní kò jọ pé ó tọkàn wá tó èyí tí ò ní. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé wọ́n tún fi irú èsì yẹn hàn wọ́n bí ẹni fọwọ́ kọ ọ́ sórí pépà, ìyẹn ò sì fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Ẹ rí i pé kì í ṣe àmì yẹn fúnra rẹ̀ ló níṣòro, orí fóònù tó dé ló ti yí padà.

Ṣé kí n kúkú pa fúlúsítọ́ọ̀pù tì ni?

Rárá o. Tí mẹ́sééjì yín bá ti ní gbólóhùn méjì lọ sókè, ẹ fi síbi tó yẹ láàárín wọn, kò sẹ́ni tó máa bínú, àìfi sí i gan-an ló máa ń mú kéèyàn kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e. Ti ìgbẹ̀yìn pátápátá nìkan lẹ lè yọ. Nígbà tí èsì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra: "Bẹ́ẹ̀ ni", "Mo ti rí i", "Kò burú", "Ẹ ṣé", ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láìní àmì lẹ́yìn.

Ìgbà kan wà tí mo máa ń fi í síbẹ̀ tọkàntọkàn ṣá, ìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Ẹni tó kọ̀wé pé bàbá òun ti kú, tí mo fẹ́ kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run á tù yín nínú." sí, fúlúsítọ́ọ̀pù níbẹ̀ ń fi hàn pé mo fara balẹ̀ kọ ọ́ ni, torí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Kí ni kí n kọ́kọ́ fi kún èsì kúkúrú kí n tó máa wá ímójì kiri?

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ bèèrè rèé, torí àwa tá a ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti ní nǹkan tó ń mú un rọ̀ tẹ́lẹ̀ kí ímójì tó dé. Ẹ wò ó báyìí, kọ́sítọ́mà ní òun máa wá mú aṣọ òun lọ́la:

"Ó dáa" — èyí ò burú, ṣùgbọ́n ó gbẹ, ó dà bí ẹni tó ń dáhùn láìgbójú sókè.
"Ó dáa ma" — ó ti ń gbọ́nà àpọ́nlé bọ̀.
"Ó dáa o" — ó ti ń rọ̀, ó dà bí ẹni tó gbà tinútinú.
"Ó dáa ma, a máa retí yín o" — èyí ò nílò ímójì kankan, bẹ́ ẹ fi sí i bẹ́ ẹ ò fi sí i.

"O" kékeré tó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn lágbára ju gbogbo ojú yẹ́lò tó wà nínú fóònù lọ, ẹ̀yin ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. "Ẹ ṣé" àti "Ẹ ṣé o", "Mo ti gbọ́" àti "Mo ti gbọ́ o", ẹ̀ẹ̀kejì ló máa ń dà bí ohùn èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ibi tẹ́ ẹ máa fi sí. Tẹ́ ẹ bá fi sẹ́yìn ìdúpẹ́ tàbí ìdáhùn, ó ń mú un rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sẹ́yìn àṣẹ, ó ń di ìkìlọ̀: "Ẹ tètè wá o", "Ẹ má gbàgbé owó o", ìyẹn ti dà bí ẹni ń na ìka sí wọn lójú. Tó bá jẹ́ nǹkan tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni, "ẹ jọ̀ọ́" ni mo máa ń fi síwájú, mi ò ní fi "o" sẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá wa mú ìyókù owó náà dání".

Tẹ́ni náà bá sì ti kí yín, ẹ dá ìkíni lóhùn ná. Ẹni tó kọ "Ẹ kú iṣẹ́ o" tẹ́ ẹ wá fò ó tẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ nìkan, ímójì mẹ́wàá ò lè tún un ṣe.

Ímójì ni mo fi sí i, ó ṣì ní mo yájú. Kí ni mo ṣe?

Ẹ lọ wo "o" àti "ẹ" tẹ́ ẹ lò. Ọ̀pọ̀ wa ò kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Èmi ni mo kọ "Se o ti de 😊" sí ìyá kan tá a fi aṣọ ránṣẹ́ sí. Aṣọ ni mò ń bèèrè o, pé ṣé ó ti dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rí ni "Ṣé o ti dé", bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyá tó ju ìyá tó bí mi lọ! Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí mo fi sẹ́yìn ẹ̀ ló tún wá bà á jẹ́ sí i, ó dà bíi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣeré. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn kọ "Ta lò ń bá wí?" padà, ara mi sì bù máṣọ.

Látọjọ́ yẹn, tí mo bá ń kọ̀wé ságbà, mi ò kì í fi "ó" bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mọ́. Mo máa ń dárúkọ nǹkan náà: "Ṣé aṣọ náà ti dé ọ̀dọ̀ yín ma?" Bákan náà ni "O da" tá ò fàmì sí, ẹlòmíì á kà á sí "Ó dáa", ẹlòmíì á kà á sí "Ó dà", bí ẹni ń bèèrè pé nǹkan náà dà. Ẹ kọ álífábẹ́ẹ̀tì "a" méjèèjì síbẹ̀, "O daa", kó lè yàtọ̀.

🙂 àti 😊, ṣé ìyàtọ̀ wà nínú wọn ni?

Ó wà gan-an, ojú ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ẹnu. Nínú 😊, ojú ti tẹ̀ bí òṣùpá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pọ́n, ìyẹn bí ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín dénú ṣe máa ń rí nìyẹn. Nínú 🙂, ẹnu ló tẹ̀ díẹ̀, ojú ṣì là sílẹ̀ ranran. Bẹ́ ẹ bá rántí ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ tó wá ń fi eyín nìkan rẹ́rìn-ín sí yín níbi ìnáwó, ojú yẹn gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi máa ń ka 🙂 sí "mo ti gbọ́ ohun tó o sọ, mi ò sì gbàgbé". Èyí tó dorí kodò, 🙃, ti kúrò ní àbí, ìyẹn ń sọ gbangba pé ọ̀rọ̀ ò dùn mọ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á ṣe sùúrù fáwọn àgbà o. Ìyá mi, 🙂 ló wà níwájú nínú fóònù wọn, òun ni wọ́n sì máa ń tẹ̀, tí wọ́n bá kọ "Ṣé o ti jẹun 🙂" sí mi, àlàáfíà ni, wọn ò fi gún mi lọ́rọ̀. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ, tí ẹ ò sì mọ ẹni náà dáadáa, 😊 ni kẹ́ ẹ lò, tí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ bá ti dáa, kò sẹ́ni tí mo tíì rí tó ṣì í kà.

Ṣé mo lè fi 👍 nìkan dáhùn?

Ó wà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Láàárín àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tẹ́nì kan bá ní "Mo ti kó òwú dé", 👍 ti tó. Sí àgbà, tàbí sí ẹni tó fara balẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí yín, àtàǹpàkò kan ṣoṣo máa ń dà bí ẹni tó mi orí tó sì yí ẹ̀yìn padà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀, kódà kó jẹ́ méjì: "Mo ti rí i ma 👍".

Láti 2022 ni Wásáàpù ti ní kéèyàn lè tẹ mẹ́sééjì mọ́lẹ̀ kó lẹ ímójì mọ́ ọn lára, mẹ́fà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, 👍 ❤️ 😂 😮 😢 🙏. Èyí tá a lẹ̀ mọ́ ọn yìí fúyẹ́ ju èsì gidi lọ, ó ń sọ pé mo ti kà á. Fún ọ̀rọ̀ tí ò nílò ìdáhùn ó dáa. Tí wọ́n bá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ wá lẹ 👍 mọ́ ìbéèrè, ẹ ò tíì dáhùn nìyẹn, wọ́n á máa retí ni.

Ohun tí mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé 👍 lè dà bí ìbuwọ́lùwé. Ní Saskatchewan ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ẹnì kan tó ń ra ọkà fi àwòrán ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan lórí fóònù ní 2021 pé kó jẹ́rìí sí i, àgbẹ̀ yẹn fi 👍 dáhùn. Nígbà tí kò kó ọjà náà wá, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Àgbẹ̀ ní ohun tóun fi sọ ò ju pé òun ti rí mẹ́sééjì náà. Adájọ́ ní 2023 sọ pé ó ti gba àdéhùn náà nìyẹn, ó sì ní kó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là ilẹ̀ Kánádà. Torí náà tí kọ́sítọ́mà bá kọ̀wé pé "Ẹ máa rán an tán ní Friday àbí?", tí kò sì dá mi lójú, mi ò ní tẹ 👍, màá kọ ọ́ jáde: "Mo ti rí i ma, ẹ jẹ́ kí n bi ọ̀gá wa".

🙏 ńkọ́? Ṣé àdúrà ni àbí ẹ̀bẹ̀?

Orúkọ tó ní nínú ìwé Unicode, ìyẹn àwọn tó ń fún gbogbo ímójì ní nọ́ńbà, ò ju ẹni tó pa ọwọ́ pọ̀ lọ. Nílẹ̀ Japan tí ímójì ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ń dúpẹ́, wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo rẹ̀ ló pa pọ̀: "Àmín 🙏", "Ẹ ṣé ma 🙏", "Ẹ má bínú 🙏". Ímójì tó dáàbò boni jù téèyàn bá ń kọ̀wé ságbà nìyí, torí ó jọ ẹni tó ń kúnlẹ̀ díẹ̀, kò sì ní ẹ̀rín nínú.

Ibi tó ti máa ń ṣini lọ́nà ni tó bá dá wà. Mo kọ sí kọ́sítọ́mà kan pé ó ku ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́rùn rẹ̀, 🙏 ló fi dáhùn. Ṣé ó ń dúpẹ́ ni, ṣé ó ń bẹ̀ mí pé kí n fọwọ́ mú un, àbí ó ní kí n gbàdúrà kówó dé? Ọjọ́ méjì ni mo fi dúró kí n tó tún bèèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tì í lẹ́yìn, kó lè yé èèyàn.

😂 àti 😭, èwo ló ń rẹ́rìn-ín?

Méjèèjì ni lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, 😭 ṣì ń sunkún. Àbúrò mi obìnrin kọ "Mo kú 😭😭😭" nínú gúrúùpù ẹbí nígbà tẹ́nì kan fi fọ́tò ìgbà kékeré rẹ̀ síbẹ̀, bàbá wa pe fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nínú gúrúùpù tí àgbà wà, 😂 ni kẹ́ ẹ fi rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ẹni tó fi nǹkan síbẹ̀ fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Téèyàn bá ń ráhùn tẹ́ ẹ wá fi 😂 dáhùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe sọ ọ́ ló pa yín lẹ́rìn-ín, yẹ̀yẹ́ ló máa kà á sí.

Àmì ìyanu, àmì ìbéèrè, tó-tò-tó… àti lẹ́tà ńlá ńkọ́?

Àmì ìyanu kan ṣoṣo dáa lẹ́yìn ìdúpẹ́ tàbí ìkíni: "Ẹ kú oríire!" Mẹ́ta lẹ́yìn ìròyìn ayọ̀ náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sẹ́yìn ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe, "Ẹ fi owó náà ránṣẹ́!" ti di ariwo.

Àmì ìbéèrè méjì "??" láìsí ọ̀rọ̀, tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ tẹ́nì kan bá pẹ́ dáhùn, ó dà bí ẹni fọwọ́ gbá tábìlì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń fi rán ẹnì kejì létí ni, ṣùgbọ́n "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ṣé ẹ ti rí mẹ́sééjì mi?" ò gba àkókò.

Ti àmì mẹ́ta yìí, "Ó dáa…", ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbà àti ọ̀dọ́. Àwọn àgbà kan máa ń fi ṣe kọ́mà, ibi tí wọ́n bá ti mí díẹ̀ ni wọ́n ti máa fi í síbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń kà á á máa rò pé nǹkan kan wà tí wọ́n ò sọ. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá máa ń kọ ọ́ báyẹn nígbà gbogbo, àṣà ọwọ́ wọn ni. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má fi sẹ́yìn èsì kúkúrú, torí "Mo ti gbọ́…" máa ń dà bíi pé ẹ ṣì máa rí wọn.

Lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, ariwo ni. Ti pé ẹlòmíì kàn gbàgbé bọ́tìnì rẹ̀ ni ò yí i padà lójú ẹni tó ń kà á.

Ṣé ohun tí mo rí lórí fóònù mi náà ni wọ́n ń rí lórí tiwọn?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Nọ́ńbà ni fóònù ń fi ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù tàbí áàpù ló máa ń ya àwòrán rẹ̀. Ní 2016 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Minnesota ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. 😁 lórí fóònù Apple nígbà yẹn dà bí ẹni tó ń ha eyín, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín dáadáa lórí àwọn fóònù míì. Wọ́n ti tún àwòrán yẹn ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé kódà táwọn èèyàn bá ń wo àwòrán kan náà, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin, wọn ò fohùn ṣọ̀kan bóyá ó dáa àbí kò dáa. Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé kí ọ̀rọ̀ yín ti dáa kí ímójì tó dé, kó jẹ́ pé téèyàn bá yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ náà ṣì máa dúró.

Ṣé ẹ lè fi àpẹẹrẹ kan hàn wá látìbẹ̀rẹ̀ dópin?

Ọjọ́ Friday ni, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màmá kan tá à ń rán aṣọ ẹbí fún kọ̀wé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé bùbá mi ti ṣe tán? Ọ̀la ni ìnáwó náà." Òótọ́ ni pé kò tíì ṣe tán, ó ku ọwọ́ méjèèjì àti ọrùn. Ohun tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ni "Kò tíì ṣe tán." Mi ò tíì fi ránṣẹ́, mo kà á pẹ̀lú ojú wọn. Wọ́n kí mi, mi ò kí wọn. Ẹ̀rù ìnáwó ọ̀la ń bà wọ́n, mi ò sọ ìgbà tó máa ṣe tán. Fúlúsítọ́ọ̀pù sì tún wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo yọ fúlúsítọ́ọ̀pù, mo fi 🙂 rọ́pò rẹ̀: "Kò tíì ṣe tán 🙂". Ó tún burú sí i! Ìròyìn tí ò dáa, ojú tó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo dán 😊 wò, ìyẹn náà ò bá a mu, torí kò sí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀. Mo dán 😢 wò, ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n rò pé aṣọ ti bàjẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ímójì ni mo ń wá, ọ̀rọ̀ ló kù.

Mo lọ bi ọ̀gá wa, wọ́n ní kó tó di aago méje. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ṣé ma. Ó ku ọwọ́ méjèèjì àti ọrùn, kó tó di aago méje alẹ́ òní ẹ máa rí i ma 🙏". Ẹ wo bó ṣe lọ: mo dá ìkíni lóhùn, mo sọ ibi tá a bá a dé kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ, mo dá àkókò, "ma" bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ó sì parí ẹ̀, 🙏 ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Fúlúsítọ́ọ̀pù kan wà láàárín, kò sí ní ìparí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí mo fi tún un kọ. Wọ́n dáhùn pé: "Ó dáa o, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́ 🙏". Nígbà tí bùbá ṣe tán lóòótọ́ ní bí aago méje ku díẹ̀, ìgbà yẹn ni mo wá lo 😊: "Ó ti ṣe tán ma, ọlọ́kadà ti gbé e 😊".

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èsì mi ti dun ẹnì kan?

Ẹ fi ohun tó kọ wé bó ṣe máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó máa ń kọ "Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín" tó wá kọ "Ẹ ṣé." lójijì, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó máa ń lo ímójì tí kò lò ó mọ́. Ẹni tó ti kúrò ní "ìwọ" tó wá ń fi "ẹ̀yin" bá yín sọ̀rọ̀ bí àlejò, ìyẹn wọ́pọ̀ láàárín ọ̀rẹ́ àti láàárín tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé "OK" ló máa ń kọ láti ọdún mẹ́ta, kò bínú, bó ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn.

Tó bá ti dùn ún ńkọ́?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ímójì fún un, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní in lọ́kàn, 🙂 túmọ̀ sí pé…", ńṣe nìyẹn máa ń dà bí àwíjàre. Ẹ pè é, tàbí kẹ́ ẹ fi fóìsì ránṣẹ́, kí ó gbọ́ ohùn yín. Sí ìyá tí mo bi ní "Se o ti de", mo pè wọ́n, mo ní "Ẹ má bínú ma, aṣọ ni mò ń bèèrè, mi ò fi àmì sí i". Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa kọ Yorùbá mi dáadáa.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kọ "K" sí mi. Kí ni mo máa fi dáhùn?

Tí wọn ò bá bèèrè nǹkan, ẹ má dáhùn rárá, ọ̀rọ̀ ti parí lójú tiwọn. Tó bá pọn dandan, "Ẹ ṣé sà" ti tó, láìsí fúlúsítọ́ọ̀pù, láìsí ímójì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lo ímójì sí yín ná, kẹ́ ẹ tó máa fi tiyín ránṣẹ́ sí wọn.